Owó gbígbó: apá owó iná tí a kì í kà

Ẹ bi onígbàjámọ̀ tó ń lo jẹnẹrétọ̀ pé èló ni iná ń ná an lóṣù, iye epo tó rà ni yóò kà fún yín. Kò parọ́, àmọ́ kò tíì kà á tán. Gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ yẹn bá fi dún, ó ń gbó díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí yóò kọ̀ tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n á ní láti ra òmíràn. Ìpín tó kan oṣù kọ̀ọ̀kan nínú owó ẹ̀rọ náà ni mò ń pè ní owó gbígbó. Ẹni tí kò bá fi í sínú iye tó ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ojú owó rẹ̀ ló ń jẹ, ó kàn rò pé èrè ni.

Lítà epo ni mo máa fi ṣírò dípò owó, nítorí iye owó epo kì í dúró sójú kan. Bí mo bá ní ẹ̀rọ kan jẹ́ 400 lítà, ohun tí mò ń sọ ni pé owó tí wọ́n fi rà á tó ra 400 lítà epo. Ẹ fi iye tí lítà kan jẹ́ lọ́dọ̀ yín sọ ọ́ di púpọ̀, owó gidi á jáde.

Ká mú onígbàjámọ̀ wa yìí. Gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ kò ju 300 wáàtì lọ lápapọ̀, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tó rà lè gbé nǹkan bí 2,000. Ó lérò pé bí ẹrù bá kéré, epo náà á kéré bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí, ìwọ̀n eré kan náà ló ń sá, ì báà gbé ẹrù, ì báà má gbé nǹkan kan, epo púpọ̀ sì ni eré sísá yẹn nìkan ń mu. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni ṣírò epo láti inú ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ gbé ẹ̀rọ síbi tó tẹ́jú, ẹ rọ epo dé àmì kan nínú táǹkì, kí ẹ wá fi ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gan-an. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti kú tó sì ti tutù dáadáa, ẹ fi ike tí ẹ mọ iye lítà tó ń gbà rọ epo padà dé àmì yẹn. Ohun tó wọlé nígbà yìí ni ohun tó mu.

Onígbàjámọ̀ wa wọn tirẹ̀: 3 lítà fún wákàtí 4, ìyẹn 0.75 lítà ní wákàtí kan. Ọjọ́ 26 ló ń ṣiṣẹ́ lóṣù, nítorí náà wákàtí 104 àti 78 lítà ni. (Kó tọ́jú 0.75 yẹn síbì kan. Bó bá tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tó rí i pé ó ti di 1, tí ẹrù kò sì pọ̀ sí i, asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ti dí tàbí kabúrétọ̀ tó dọ̀tí ni kó kọ́kọ́ fura sí.)

Lẹ́yìn epo, ọ́ìlì ẹ̀rọ ló kàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ló ń fẹ́ kí a pààrọ̀ ọ́ìlì wọn ní wákàtí 100 sí ara wọn, tirẹ̀ sì ń lò ju ìyẹn lọ díẹ̀ lóṣù kan. Ó fi 6 lítà sílẹ̀ fún ọ́ìlì àti pílọ́ọ̀gì, ó fi 5 sílẹ̀ fún àtúnṣe.

Ibi tí owó gbígbó ti wọlé rèé. Ó ra ẹ̀rọ náà ní 400 lítà. Èyí tó lò ṣáájú fi nǹkan bí wákàtí 2,500 ṣiṣẹ́ kó tó di àkúrun, ìyẹn oṣù 24 bó bá ń lò ó ní wákàtí 104 lóṣù. Ó mọ̀ pé àwọn tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù á fún òun ní 40 lítà lórí òkú rẹ̀. Ó kù 360. Pín in sí oṣù 24, ó di 15 lítà lóṣù kan.

Àròpọ̀ 78, 6, 5 àti 15 jẹ́ 104 lítà. Epo tó ń rà kò ju 0.75 lítà lọ fún wákàtí kan, àmọ́ odidi lítà 1 ni wákàtí náà ń ná an. Bí a bá pín owó iná rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdá kan nínú rẹ̀ ni kò rí.

Kí ló máa wá fi lé orí ẹni tó gẹrun? Orí 520 ló ń gẹ̀ lóṣù, 104 lítà sì pín sí 0.2 lítà fún orí kan. Gbogbo 520 ló máa pín in fún, kì í ṣe àwọn tó bá jẹnẹrétọ̀ pàdé nìkan. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí iye owó ìgẹrun yí padà nítorí pé iná ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nígbà tó jókòó. Àmọ́ kó ṣọ́ra fún oṣù tí ọjà kò bá yá. Bí orí bá di 390, ẹ̀rọ á ṣì dún fún wákàtí 104, ìpín orí kọ̀ọ̀kan á sì fò sókè sí nǹkan bí 0.27. Oṣù tí kò yá ni èmi á fi ṣírò.

Ìṣírò mìíràn tún wà tó ń pa ọ̀pọ̀ lára. Bí ó bá ní ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a pín owó ìgẹrun ní ìdajì sí ìdajì, tó sì fi 0.27 kún iye owó, ìdajì rẹ̀ ló máa kàn án lọ́wọ́, òun nìkan sì ló ń ra epo. Yálà kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó iná kúrò kí wọ́n tó pín, tàbí kó fi 0.54 kún un. Ẹ bá ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́ kí iye owó tó yí padà.

Ní ti sólà, owó gbígbó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ra oòrùn, torí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń kà á sí ọ̀fẹ́. Ká ní bátìrì lítíọ́mù jẹ́ 480 lítà tó sì lè lo oṣù 96, lítà 5 ni lóṣù. Ínfátà 240 fún oṣù 60 jẹ́ 4. Páánẹ́lì 240, tó lè pẹ́ tó oṣù 240, jẹ́ 1. Wáyà àti owó oníṣẹ́ 120, fún oṣù 120, jẹ́ 1. Àpapọ̀ 11. Ẹ fi nǹkan bí 10 kún un fún jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú fún ìgbà pípẹ́, ó di 21.

Bátìrì ni nọ́ńbà tó ń tan èèyàn jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ra bátìrì olómi, tó sì ń lò ó kọjá ìdajì lálaalẹ́, kò gbọdọ̀ fi oṣù 96 ṣírò rárá. Kódà pẹ̀lú lítíọ́mù, bí ẹni tó tà á kò bá dúró fún un ju oṣù 60 lọ, 60 ni èmi á fi pín in, kí 5 di 8. Ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó ń gbó bí èyí tó ń gbé yín wákàtí 4 bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní wákàtí 2 àtààbọ̀ lórí ẹrù kan náà.

Ṣé kó wá dín iye owó ìgẹrun kù, níwọ̀n bí iná ti wá sílẹ̀ láti 104 sí 21? Bí ó bá yá 1,080 lítà tó fi ra gbogbo ohun èlò yẹn, tó sì fẹ́ san án láàárín oṣù 18, 60 lítà ló máa jáde lóṣù, láìka èlé, 10 ti jẹnẹrétọ̀ sì tún wà níbẹ̀. Kó fi iye owó sílẹ̀ bó ṣe wà títí gbèsè á fi tán.