Ohùn òǹsọ̀tàn láàárín ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù

Bí wọ́n bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu àgbà fún fíìmù ìtàn gidi, ìbéèrè kì í sábà wọ inú fíìmù. Wọ́n á gé e kúrò, ìdáhùn nìkan ni yóò kù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, torí inú ìbéèrè ni orúkọ àti àkókò wà.

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù lórí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Ká ní bàbá kan sọ pé: “Wọ́n yí ìlú ká. Ebi mú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde.” “Wọ́n” mẹ́ta, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta: ọmọ ogun Dàhòmì, àwọn ẹ̀ṣọ́, àti ọba tí bàbá ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó jókòó tì í mọ̀ wọ́n. Òǹwòran kò lè mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, olóòtú á tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde, yóò kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fa ìlà sábẹ́ ohun tó jẹ́ pé ẹnu bàbá nìkan ló ti dùn. Ọdún àti orúkọ ogun, òǹsọ̀tàn lè sọ ọ́ ní ṣókí, torí náà ni gbólóhùn àkọ́kọ́ bàbá ṣe lè lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló jẹ́rìí sí kò gbọdọ̀ di òótọ́ pọ́ńbélé lẹ́nu òǹsọ̀tàn. Ìlà náà lè lọ báyìí:

“Ní ọdún 1886, ọmọ ogun Dàhòmì dó ti Kétu. Ìtàn tó délé bàbá yìí ni pé ọba ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àkàbà Ìdènà.”

Bàbá á wá gbà á: “Ebi mú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde.” Ọ̀rọ̀ ti yé òǹwòran, òǹsọ̀tàn ò sì tíì fẹnu kan ilẹ̀kùn. Bó bá sọ pé wọ́n tì í, bàbá á kàn máa tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ ni, èyí tó burú jù nínú fíìmù irú èyí.

Ká ní ìyá kan tó ń tajà nítòsí ẹnubodè lónìí ló kàn. Ọdún tó wà láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìtàn tí bàbá sọ pọ̀, òǹsọ̀tàn ló gbọ́dọ̀ rìn ín: “Ìlú ṣófo. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn ọmọ Kétu tó padà wá tún ilé kọ́.” Ìyá á wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjà rẹ̀.

Kí ìlà náà tó wọ fíìmù, wọ́n á kà á sókè, wọ́n á sì fi aago wọ̀n ọ́n mọ́ àwòrán tó wà níbẹ̀. Bí àwòrán bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, ìlà tó gba méje á kù díẹ̀ fún èémí. Èyí tó gba mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gé, kì í ṣe kí òǹsọ̀tàn máa sáré. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan tí kò gbọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà rí. Ibi tó bá ti bi wọ́n pé “ta ni?” ni ìlà kan ti kù.