Kò dárúkọ ẹni, ṣùgbọ́n gbogbo Táàkì mọ̀ ọ́n

Bí ẹ bá bi òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn léèrè bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí aláìsàn mọ́ nínú gúrúùpù Wọ́sáàpù wọn, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "A kì í dárúkọ." Gbólóhùn yìí ló ń tú àṣírí jù. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 kò fi mọ sórí orúkọ: gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìlera aláìsàn, ìtọ́jú rẹ̀, títí dé pé ó tilẹ̀ wà ní ọsibítù, àṣírí ni.

Ẹ wo onírárà níbi ìkómọjáde ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ìdílé bàbá, ogójì ọkùnrin ṣì lè jẹ́. Ó mẹ́nu ba ìdílé ìyá, wọ́n ku mẹ́wàá. Ó ní ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sọ́jà, wọ́n ku mẹ́ta. Nígbà tó bá fi kún un pé ẹni tó ti Gáná dé lọ́dún 1969, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń ti ọwọ́ bọ àpò, gbogbo àwùjọ sì ti yíjú sí i. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn tó jẹ́ orúkọ. Dídà tí wọ́n da pọ̀ ló di orúkọ.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe láìmọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní agbẹ̀bí kan kọ èyí sí gúrúùpù láago mọ́kànlá alẹ́:

"Ẹ gbà wá o. Ìyàwó pásítọ̀ kan ní Táàkì, ọdún 43, ìbẹta, ọ̀sẹ̀ 33, ó ti ń wá ọmọ láti ọdún 16. Ìfúnpá 160/110, puroteni wà nínú ìtọ̀, orí ń fọ́ ọ. Ó ní kòkòrò éèdì."

Kò dárúkọ o. Àmọ́ ìyàwó pásítọ̀ tó lóyún ìbẹta lẹ́yìn ọdún 16, mélòó ló wà ní Táàkì? Awakọ̀ ọsibítù tó ń gbé àdúgbò yẹn ti mọ̀ ọ́n kó tó ka ọ̀rọ̀ náà tán, éèdì tó wà níparí sì ti délé ìjọ.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dá dúró. 160/110 pẹ̀lú orí fífọ́ lè di gìrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí ìlànà tó bá kàn fòfin de Wọ́sáàpù pátápátá kò fi wúlò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí dókítà tó wà nílé. Ìlànà tó lórí máa ń béèrè nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí mo bá yọ èyí kúrò, ṣé ohun tí dókítà máa ṣe yóò yí padà? Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Táàkì àti ọdún 16 náà kò yí i. "Ìbẹta" lè di "oyún tó ju ọ̀kan lọ." Ohun tó kù nìyí, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tó wà:

"Wọ́ọ̀dù aboyún, bẹ́ẹ̀dì 4. Ó ti lé ní 40, oyún tó ju ọ̀kan lọ, ọ̀sẹ̀ 33. Ìfúnpá 160/110, puroteni wà nínú ìtọ̀, orí ń fọ́ ọ. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pe wọ́ọ̀dù."

Ọ̀rọ̀ éèdì ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú, nítorí náà ẹnu ni wọ́n máa fi sọ ọ́ fún dókítà nígbà tó bá pè. Òfin kan náà gbà kí òṣìṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún òṣìṣẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn án, fún àǹfààní aláìsàn náà. Akọ̀wé owó àti agbálẹ̀ tó wà nínú gúrúùpù ńkọ́? Ó yẹ kí gúrúùpù ìtọ́jú yàtọ̀ sí gúrúùpù "ẹ káàárọ̀" àti ìkéde ìsìnkú.

Fọ́tò ló tún burú jù. Wọ́n ya egbò ẹsẹ̀ láìya ojú, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé wà lórí orúnkún.

Wọ́n á ní Wọ́sáàpù ń ti ọ̀rọ̀ pa. Òótọ́ ni, láti ọdún 2016, àmọ́ ojú ọ̀nà ló ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ilé tí ọ̀rọ̀ dé sí. Fọ́tò lè ti wọ inú gálárì, níbi tí ọmọ tó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣeré máa rí i. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tẹ Delete for everyone lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì pe mátírọ́ọ̀nù, torí bí ó bá lè pa aláìsàn lára, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fún ọsibítù ní wákàtí 72 péré láti fi tó ìjọba létí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pe àwọn tó ti kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n má gbàgbé kọ́pà tó parí ìsìn rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó kà níbẹ̀ ṣì wà lórí fóònù rẹ̀.