Ohun tó wà láàárín lẹ́ńsì méjì: bí wọ́n ṣe ń sẹ́ àwòrán ní ojú fókọ́ọ̀sì

Ẹ mú lẹ́ńsì méjì tí fókọ́ọ̀sì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mìlímítà 250, ẹ tò wọ́n sórí ìlà kan, kí mìlímítà 500 wà láàárín wọn. Nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ wò á wà níwájú lẹ́ńsì àkọ́kọ́ ní mìlímítà 250, kámẹ́rà tàbí páálí funfun á wà lẹ́yìn lẹ́ńsì kejì ní mìlímítà 250 náà, gbogbo ẹ̀ wá di mítà 1 gééré. Àwòrán nǹkan yẹn á jáde lára páálí, bó ṣe tóbi náà ló máa tóbi, àmọ́ á dorí kodò. Kinní tó gbàfiyèsí jù ò sí lára páálí rárá, àárín gangan ló wà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kóra jọ lẹ́yìn lẹ́ńsì àkọ́kọ́ kó tó tún ya lọ sí ìkejì. Ojú fókọ́ọ̀sì nìyẹn.

Bẹ́ ẹ bá ti páálí bọ ibẹ̀, ẹ ò ní rí àwòrán. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé lẹ́ńsì ti to ìmọ́lẹ̀ lọ́nà míì: kò tò ó gẹ́gẹ́ bí ibi tó ti wá, bó ṣe kọrí sí ló fi tò ó. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá kọrí sí apá kan náà, ì báà jẹ́ eteetí nǹkan yẹn ló ti wá tàbí àárín ẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n máa bọ́ sí. Àpẹẹrẹ tó bá sì wà lára nǹkan ló ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa kọrí sí, torí ìlà tó há mọ́ra máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ìlà tó jìnnà síra lọ. Nítorí náà tí ìlà bá ṣe há mọ́ra tó ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa bọ́ sí ṣe máa jìnnà sí àárín tó:

```
x = λ · f · ν
```

Nínú ẹ̀, λ ni gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, f ni fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì, ν sì ni fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn iye ìgbà tí àpẹẹrẹ ń tún ara ẹ̀ ṣe nínú mìlímítà 1.

Ó dáa, ká fi àwọ̀n wáyà wò ó, èyí tó ní wáyà 10 nínú mìlímítà 1 ní òró àti ní ìbú. Lésà pupa ti hílíọ́mù àti níọ́ọ̀nù ni wọ́n sábà máa ń lò, tí ìgbì ẹ̀ jẹ́ nánòmítà 633, wọ́n á kọ́kọ́ fẹ ìtànṣán ẹ̀ títí tó fi fẹ̀ tó mìlímítà 20 kó lè bo wáyà tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò ẹ̀, x á jẹ́ mìlímítà 1.58. Ohun tó máa hàn ní ojú fókọ́ọ̀sì ni ọ̀wọ́ àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké, ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ jù ní àárín, àwọn tó kù tò yí i ká lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, mìlímítà 1.58 síra wọn. Èyí tó wà láàárín ni ìmọ́lẹ̀ tó gba inú àwọ̀n kọjá láì yà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ lásán tí kò gbé ìròyìn wáyà kankan dání. Àwọn tó yí i ká ló gbé wáyà.

Ká wá sọ pé eruku kan wà lára àwọ̀n yẹn, tó fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà. Eruku ò ní ìlà tó ń tún ara ẹ̀ ṣe, torí náà kò lè dá àmì tó jìnnà sílẹ̀, ṣe ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á kàn tàn yí àmì àárín ká bí mìlímítà 0.3 (á tún tàn yí àwọn tó kù ká náà). Ẹ lu ihò mìlímítà 1 sára páálí dúdú, ẹ gbé e sí ojú fókọ́ọ̀sì kí àmì àárín nìkan kọjá. Ihò yẹn ò dé mìlímítà 1.58 rárá, ó mọ sí 0.5 sí apá kọ̀ọ̀kan, wáyà ò lè ríbi kọjá. Ẹ wo kámẹ́rà: àwọ̀n ti lọ pátápátá, eruku ṣì wà níbẹ̀! Etí ẹ̀ á kàn rọ̀ díẹ̀, torí ohunkóhun tó bá há ju ìlà bíi 3 nínú mìlímítà kan lọ ò lè gba ihò yẹn. Lójú tèmi, kò sí ìdánwò míì tó fi iṣẹ́ ojú fókọ́ọ̀sì hàn tó èyí, torí pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àwọ̀n, kò sẹ́ni tó nu eruku.

Bẹ́ ẹ bá yọ ihò yẹn kúrò tẹ́ ẹ fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà ní ìbú sípò ẹ̀, kìkì àwọn àmì tó tò ní ìbú ló máa kọjá, wáyà tó dúró ní òró nìkan ló sì máa kù nínú àwòrán. Ó máa ń dojú rú fún àwọn tó ń kọ́ ọ, wọ́n á rò pé àlàfo ìbú ló yẹ kó fi wáyà ìbú sílẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé wáyà òró ń tún ara wọn ṣe bẹ́ ẹ bá ń lọ láti ọ̀tún sí òsì, ìbú ni wọ́n sì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ sí.

Ẹ tún lọ síwájú: ẹ di àmì àárín pa, kó ku àmì kìíní lọ́tùn-ún àti kìíní lósì nìkan. Ìlà 20 ló máa hàn nínú mìlímítà 1, nígbà tó jẹ́ pé wáyà 10 ni àwọ̀n ní! Ìgbì ìmọ́lẹ̀ látinú àmì méjì yẹn ń pàdé, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, àmọ́ kámẹ́rà ò mọ ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀, agbára nìkan ló ń kà, òkè á mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ náà á mọ́lẹ̀. Nígbà tí àmì àárín wà níbẹ̀, òun ló ń gbé gbogbo ẹ̀ sókè kí ìlà má di ìlọ́po méjì.

Ibi tó sábà máa ń bàjẹ́ ni ipò asẹ́, ìyẹn ihò tàbí àlàfo tẹ́ ẹ fi ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀, bó bá fi mìlímítà mélòó kan kúrò ní ojú fókọ́ọ̀sì. Ẹ rọra sún àwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ máa wo àwọn àmì. Àwòrán lára kámẹ́rà á sún, àmọ́ àwọn àmì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, torí ibi tí nǹkan wà kọ́ ló ń pinnu ibi tí wọ́n bọ́ sí. Bí wọ́n bá ń sún tẹ̀ lé e, ẹ ò tíì dé ojú fókọ́ọ̀sì gan-an. Ohun míì tó ń fi hàn pé asẹ́ ò sí nípò ni pé kí apá kan àwòrán ṣókùnkùn kí apá kejì mọ́lẹ̀, asẹ́ yẹn ti ń gé àwòrán nìyẹn dípò kó máa gé fíríkúẹ́ńsì. Bí etí nǹkan bá sì ń yọ ìlà ìlà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ipò ló fà á, etí ihò ló mú jù, ó já lójijì, asẹ́ tó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ látàárín lọ síta ló máa ń dín ìyẹn kù.

Gílóòbù lásán ò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Àwọ̀ ewé tí ìgbì ẹ̀ jẹ́ nánòmítà 532 á fi àmì ẹ̀ sí mìlímítà 1.33 nígbà tí pupa wà ní 1.58, gbogbo ojú kọ̀ọ̀kan lára gílóòbù náà á tún ní àmì tiẹ̀, wọ́n á gun ara wọn.

Bí kò bá tiẹ̀ sí asẹ́ kankan níbẹ̀, lẹ́ńsì fúnra ẹ̀ ti ń sẹ́, ohun tí onímọ̀ físíìsì Ernst Abbe rí nìyẹn nílùú Jena tó sì tẹ̀ jáde ní 1873 nípa máíkíróskóòpù, onímọ̀ físíìsì míì tó ń jẹ́ Porter sì fi ìdánwò àwọ̀n hàn án ní 1906. Bí lẹ́ńsì àkọ́kọ́ wa bá fẹ̀ tó mìlímítà 25, ìmọ́lẹ̀ tó bá yà ju mìlímítà 12.5 lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ á gba ìta etí ẹ̀ kọjá. Ẹ fi àwọ̀n kékeré tó ní wáyà 100 nínú mìlímítà 1 sí àárín, àmì kìíní ẹ̀ á lọ sí mìlímítà 15.8, kò ní wọlé, ìmọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ máa rí lára kámẹ́rà bó ti wù kí kámẹ́rà náà dáa tó.