Ọkọ̀ wa tàbí ọkọ wa? Bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ ìpolówó wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́

Ká ní àwọn akérò kan fẹ́ kọ "Ọkọ̀ wa kì í já yín kulẹ̀" sára bọ́ọ̀sì wọn. Bí ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ bá yọ gbogbo àmì kúrò, ohun tí yóò jáde ni "Oko wa ki i ja yin kule". Ẹni tó bá rí "oko" yìí lè kà á sí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, oko tí à ń dá, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, tàbí okó, nǹkan ọmọkùnrin. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló burú jù, torí pé bí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀, gbólóhùn náà kò dàrú rárá.

Àmì ààbọ̀ tún léwu ju àìsí àmì lọ. Bí wọ́n bá fi àmì abẹ́ lẹ́tà sí i, tí wọ́n gbàgbé àmì ohùn orí rẹ̀, "Ọkọ wa" ló dà. Ohùn àárín kì í gba àmì nínú àkọtọ́ Yorùbá, nítorí náà orí fáwẹ̀lì tó ṣófo ti sọ ohùn tirẹ̀. Òǹkàwé kò ní rò pé ẹnì kan gbàgbé nǹkan. Ọkọ ìyàwó ni yóò kà.

Ibi tí àmì sábà máa ń sọnù ni kọ̀ǹpútà. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, àmọ́ Ọ̀ kò ní. Àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, ló ń gun orí rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí irú lẹ́tà tí wọ́n yàn kò bá gbà á, àmì náà lè di àpótí kékeré tàbí kó sún sórí lẹ́tà kejì. Bí wọ́n bá sì fi lẹ́tà ńlá kọ "ỌKỌ̀", tí ìlà òkè sún mọ́ ọn jù, àmì náà lè fara pamọ́ sínú ìlà yẹn. Torí náà, ó yẹ kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan síta ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, kí wọ́n fi ojú wá àmì kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ẹ yọ gbogbo àmì kúrò fúnra yín, kí ẹ fún ẹni méjì tí kò mọ ohun tí ẹ ń polówó pé kí wọ́n kà á sókè. Bí wọ́n ṣe kà á ni ẹni tó ń kánjú kọjá lójú títì yóò ṣe kà á. Bí ìtumọ̀ kan bá kù díẹ̀ káàtó, ọ̀rọ̀ mìíràn ló yẹ kí ẹ wá. "Mọ́tò wa kì í já yín kulẹ̀" bọ́ nínú ewu yìí: "moto" láìsí àmì, mọ́tò náà ni.

Àmì kì í sì í yanjú gbogbo rẹ̀. "Awakọ̀ wa dájú" lè pé ní àmì, síbẹ̀ dájú tó jẹ́ pé kò sí iyèméjì àti dájú ti ọ̀dájú, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Tó bá jẹ́ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ìkà ni etí Yorùbá máa kọ́kọ́ gbọ́. "Awakọ̀ wa ṣeé fọkàn tán" ló yẹ kí wọ́n kọ.