Ibi tí Ọ̀rọ̀ Ara Páálí Tíì Ewé ti Ṣẹ̀ Wá

Iwájú páálí tíì ewé kì í ju ìlà mẹ́ta lọ: “Atalẹ̀ àti Koríko Ọba. Kò ní káféènì. Àpò 20.” Yí i sẹ́yìn, ìtàn gígùn lo máa bá níbẹ̀: ibi tí wọ́n ti já ewé, bí wọ́n ṣe sá a, ìṣẹ́jú mélòó ni kó fi wà nínú omi gbígbóná. Ta ló kọ́kọ́ pín ọ̀rọ̀ báyìí?

Lójú tèmi, alábẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ọlọ́tíì. Àwo bàbà kan wà tí ìdílé Líù, àwọn tó ń rọ abẹ́rẹ́ tà, fi ń tẹ ìpolówó ní ìlú Jìnán, ní Ṣáínà, láyé àwọn ọba Sóngì (960–1279). Wọ́n ya ehoro funfun sí àárín rẹ̀, wọ́n sì kọ gbólóhùn kúkúrú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ehoro ẹnu ọ̀nà ni kí oníbàárà fi dá ṣọ́ọ̀bù àwọn mọ̀. Ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá gùn: irin tó dára làwọn ń rà, abẹ́rẹ́ gidi làwọn ń fi í rọ, ẹni tó bá sì rà á lọ tà yóò gba èènì. Àmì fún ẹni tó ń kọjá, àlàyé fún ẹni tó dúró. Abẹ́rẹ́ kò ṣeé kó lọ́wọ́ lásán, ó ń fẹ́ ohun tí a ó fi wé e. Mo gbà pé ìwé tí wọ́n fi àwo náà tẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń wé e. Àwọn tó sọ pé àwọn apolówó ayé òde òní ló dá àṣà yìí sílẹ̀ kò wo àwo náà dáadáa.

“Tíì” fúnra rẹ̀, láti ẹnu àwọn ará etíkun Ṣáínà tó ń pè é ní “te” ló ti wá. Ewé igi kan ṣoṣo ló ni orúkọ náà, ewé yẹn sì ní káféènì; atalẹ̀ àti koríko ọba yá a lò ni. Ìdí nìyí tí “kò ní káféènì” fi ń gba àyè níwájú.

Ní 1820, Friedrich Accum, onímọ̀ kẹ́míkà, tú àṣírí àwọn tó ń bu ewé mìíràn mọ́ tíì ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú àpótí ni wọ́n ti ń bù ú wọ̀n fún èèyàn nígbà náà. Ní 1826, John Horniman, oníṣòwò tíì, di tirẹ̀ sínú ìwé, ó lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Àwọn alátẹ kò fẹ́ ẹ, ló bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olóògùn. Tíì tí ẹnu rẹ̀ ti dí kò ṣeé gbọ́ òórùn rẹ̀, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìwé ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oògùn tí ìlérí kún ara wọn ni mo gbà pé tíì ti kọ́ ìtàn ẹ̀yìn páálí.

Ní 1969 ni Celestial Seasonings, ilé iṣẹ́ tíì ewé, bẹ̀rẹ̀ ní Kolorádò, wọ́n fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kún páálí. Òfin Amẹ́ríkà ti 1906 ti fòfin de irọ́ ara páálí ṣáájú. Èyí tó dé ní 1994 gba àfikún oúnjẹ láàyè láti kọ “ó ń fini lọ́kàn balẹ̀”, kò gba “ó ń wo àìróorunsùn”, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà náà kò wà fún ìwòsàn àrùn kankan.