Gígé àti dídí dọ́gba lórí kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ erùpẹ̀ lè má tó

Ẹni tó bá ń ṣètò ọ̀nà tuntun máa ń gbé ojú ilẹ̀ méjì sórí kọ̀ǹpútà. Èkíní ni ilẹ̀ bó ṣe wà lónìí, bí awọnlẹ̀ ṣe wọ̀n ọ́n. Èkejì ni ọ̀nà bí ẹnjiníà ṣe fẹ́ kó rí. Kọ̀ǹpútà á yọ gíga ilẹ̀ kúrò nínú gíga ọ̀nà, á wá sọ iye erùpẹ̀ tí a ó gé níbi tí ilẹ̀ ti ga jù, àti iye tí a ó fi dí ibi tó rẹlẹ̀. Tí iye méjèèjì bá dọ́gba, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí: erùpẹ̀ orí òkè yóò dí àfonífojì, a ò ní wá kún un, a ò sì ní kó èyíkéyìí dànù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ojú ilẹ̀ méjì ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀n. Kò mọ irú erùpẹ̀ tó wà nínú àlàfo náà, kò sì mọ bí erùpẹ̀ náà yóò ṣe yí padà nígbà tí a bá wà á, tí a kó o sínú típà, tí rólà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò le. A máa na àwọ̀n sórí gbogbo ibi iṣẹ́, kí ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1 ní ìbú àti mítà 1 ní òró. Ojú kọ̀ọ̀kan ní gíga méjì. Ká ní ilẹ̀ wà ní 102.40, tí ọ̀nà sì wà ní 101.15, mítà 1.25 ni ọ̀nà fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, a ó sì gé 1.25 m³ níbẹ̀. Lójú àwọ̀n mìíràn, ilẹ̀ lè wà ní 98.30, kí ọ̀nà wà ní 99.10, a ó fi 0.80 m³ dí ibẹ̀. A ó ro gbogbo gígé pọ̀ lọ́tọ̀, a ó sì ro gbogbo dídí pọ̀ lọ́tọ̀:

```
dz = z_design - z_ground
fill = dz[dz > 0].sum() * a
cut = -dz[dz < 0].sum() * a
```

Nínú ìlà wọ̀nyí, `a` ni ìwọ̀n ojú àwọ̀n kan ní m². Ẹ má ṣe ro gbogbo `dz` pọ̀ mọ́ra wọn láìya gígé sọ́tọ̀. Ọ̀nà tí a ó gé 6,000 m³ lára rẹ̀, tí a ó sì fi 6,000 m³ dí, yóò mú òdo jáde, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn yóò ṣe mú òdo jáde. Ohun kan tún wà tó máa ń fara pamọ́: níbi tí ọ̀kan nínú ojú ilẹ̀ méjèèjì kò bá ní gíga kankan, irú ìlà yìí kàn máa fo ibẹ̀ ni, kò ní ké sí yín. Nítorí náà, ẹ ka iye ojú àwọ̀n tó ní ìdáhùn, kí ẹ fi wé iye tó yẹ kó wà ní gbogbo ibi iṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà kan tó gùn ní mítà 500. Ibi tí iṣẹ́ dé jẹ́ mítà 20 ní ìbú, ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìdajì ọ̀nà náà gba orí òkè kọjá, ìdajì kejì gba inú àfonífojì, torí náà 5,000 m² ni a ó gé, 5,000 m² ni a ó sì dí. Kọ̀ǹpútà ní gígé jẹ́ 6,000 m³, dídí náà sì jẹ́ 6,000 m³. Ó dọ́gba géérégé.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ojú ilẹ̀ wo gan-an la fi ṣe ìṣirò? Ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ wọ̀n ní erùpẹ̀ ọlọ́ràá lókè, èyí tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀. A kì í kọ́ ọ̀nà lé e, a kì í sì í fi dí ibikíbi tí ọkọ̀ yóò gbà, torí pé bó bá ṣe ń jẹrà ni ọ̀nà á máa rì. Ká ní ó nípọn tó mítà 0.2. Níbi gígé, 1,000 m³ nínú 6,000 tí a kà jẹ́ irú erùpẹ̀ yìí. Kò wúlò fún dídí. Níbi dídí, a ní láti kọ́kọ́ há 1,000 m³ kúrò kí á tó bẹ̀rẹ̀, ihò tó bá sì kù sílẹ̀ ti di ara ohun tí a ó dí. Erùpẹ̀ rere tí a ní wá lọ sílẹ̀ sí 5,000, ohun tí a nílò sì gòkè sí 7,000.

Ojú ilẹ̀ kejì náà ní tirẹ̀. Àwòrán ẹnjiníà sábà máa ń fi ojú ọ̀dà hàn, níbi tí táyà yóò ti máa yí. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ kì í dé ojú ọ̀dà. Ó máa dúró nísàlẹ̀ òkúta àti ọ̀dà tí a ó tò lé e. Tí ipele wọ̀nyí lápapọ̀ bá nípọn tó mítà 0.4, tí ìbú wọn sì jẹ́ mítà 8, 2,000 m² ló wà ní ìhà gígé, 2,000 m² sì wà ní ìhà dídí. A ó gbẹ́ 800 m³ sí i ní ìhà gígé kí òkúta lè ráyè jókòó. Ní ìhà dídí, òkúta ló máa gba àyè 800 m³ tí a rò pé erùpẹ̀ ni yóò gbà. Gígé tó wúlò wá di 5,800, dídí sì di 6,200.

Ìyàtọ̀ 400 m³ péré ni èyí, àwọn kan á sì sọ pé àṣìṣe méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Níbí yìí ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí erùpẹ̀ ọlọ́ràá bá ti nípọn tó mítà 0.5, tàbí tí òkúta bá ti fẹ́lẹ́, wọn ò ní pa ara wọn rẹ́ rárá. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kéèyàn máa fi ọwọ́ yọ 1,000 kí ó tún fi 800 kún un bí mo ṣe ṣe níhìn-ín. Mo ṣe é báyìí kí ọ̀nà ìṣirò lè hàn ni. Lẹ́bàá ibi tí gígé ti ń yí sí dídí, ojú àwọ̀n kan lè jẹ́ dídí mítà 0.1 lórí àwòrán, àmọ́ tí a bá há ilẹ̀ ibẹ̀, tí a sì yọ àyè òkúta, yóò di gígé. Àtúnṣe tó péye ni pé ká rẹ ojú ilẹ̀ ìsinsìnyí sílẹ̀ ní mítà 0.2, ká rẹ ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní mítà 0.4 níbi tí òkúta yóò dé nìkan, ká tó wá ṣe ìyọkúrò. Kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ mọ ojú àwọ̀n tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ tó ń da agbaṣẹ́ṣe láàmú jù wà níwájú. Erùpẹ̀ kan náà ní ìwọ̀n mẹ́ta. Nínú ilẹ̀ tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ó ní ìwọ̀n kan. Tí a bá wà á, afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó sì wú. Òun la ń rí nínú típà. Tí rólà bá tẹ̀ ẹ́ tán, ó máa ń kì ju bó ṣe wà nínú ilẹ̀ lọ. Ẹni tó rí òkìtì gàgàrà tó jáde látinú gígé á rò pé erùpẹ̀ máa ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ wíwú yẹn kò ní kù lábẹ́ rólà. Ìwọ̀n inú ilẹ̀ ni a fi ka gígé. Ìwọ̀n abẹ́ rólà ni a fi ka dídí. A ò gbọdọ̀ fi ọ̀kan wé èkejì láìkọ́kọ́ sọ wọ́n di ìwọ̀n kan náà.

Ilé àyẹ̀wò erùpẹ̀ la ti ń rí òǹkà tó so wọ́n pọ̀. Ká ní erùpẹ̀ inú ilẹ̀ yẹn, tí a bá yọ omi rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò, wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.60 nínú m³ kan. Ìwúwo tó pọ̀ jù tí ilé àyẹ̀wò lè kì í dé ni 1.87, ìwé iṣẹ́ sì ní kí rólà tẹ̀ ẹ́ dé ìdá 95 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn 1.78. Tí a bá fi 1.78 pín 1.60, á di 0.90. Ìwúwo erùpẹ̀ gbígbẹ là ń lò nítorí pé omi lè wọlé kó sì jáde, ṣùgbọ́n iye erùpẹ̀ gan-an kò yí padà. Òǹkà yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn lórí ọ̀nà kan náà, torí náà ẹ mú erùpẹ̀ láti ibi gígé kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò. Àpáta tí a fọ́ ní tirẹ̀ máa ń gba àyè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, òǹkà rẹ̀ á sì ju 1 lọ.

Nínú àpẹẹrẹ wa, 5,800 lọ́nà 0.90 jẹ́ 5,220 m³ lábẹ́ rólà, 6,200 la sì nílò. Ó ku 980. Láti rí i, a ní láti wa 980 pín sí 0.90, ìyẹn nǹkan bí 1,089 m³, láti ibòmíràn. Tí erùpẹ̀ náà bá ń wú dé 1.25 nínú típà, 1,361 m³ la ó gbé, ìrìn 137 fún típà tó ń gba 10 m³. Ìrìn 137 yìí ni ìṣirò àkọ́kọ́ pè ní òdo.

Gbogbo èyí dúró lórí pé gíga tí a wọ̀n tọ̀nà. Tí dúrónù bá ya ilẹ̀ tí koríko bò, orí koríko ló máa ń rí. Tí ìyẹn bá gbé ojú ilẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré, lórí 5,000 m² gígé, 250 m³ tí kò sí rárá yóò wọ inú gígé; lórí 5,000 m² dídí, 250 m³ tí a nílò yóò fara sin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500 m³, gbogbo rẹ̀ sì ń tọ́ka sí pé erùpẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lóòótọ́. Àṣìṣe tó ń lọ sókè níhìn-ín tó ń lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún kò léwu tó bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n máa ń pa ara wọn rẹ́ nínú àròpọ̀. Èyí tó fì sí apá kan kì í parẹ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyí: kí awọnlẹ̀ fi irinṣẹ́ lọ wọn gíga ibi 20 tàbí 30 káàkiri lórí erùpẹ̀ gan-an, nínú koríko àti lórí ilẹ̀ tó mọ́, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú gíga tí kọ̀ǹpútà ní fún ibi kan náà. Tí èsì bá wà lókè òdo níbì kan, tó wà nísàlẹ̀ òdo níbòmíràn, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà lókè òdo, ẹ wò ó bóyá inú koríko nìkan ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ inú koríko nìkan, ibẹ̀ la ó tún wọ̀n. Bó bá jẹ́ níbi gbogbo, àmì ìpìlẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ wíwọ̀n gíga ló ṣeé ṣe kó yàtọ̀ sí èyí tí ẹnjiníà fi ya ọ̀nà. Ẹ béèrè àmì tí oníkálukú lò kí ẹnikẹ́ni tó háyà típà kankan.