Bí rúùtù lókọ́sì ṣe ń tọ ipasẹ̀ àwọn póòlù nígbà tí géènì bá ń pọ̀ sí i

Ká mú mọ́tò oníná kan tó ń yí díìṣì ńlá síbi tí a bá fẹ́ kó kọjú sí. Sẹ́ńsọ̀ kan ń wo ibi tí díìṣì kọjú sí lọ́wọ́lọ́wọ́. Olùdarí á yọ ìyẹn kúrò nínú ibi tí a fẹ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni àṣìṣe. Ó máa sọ àṣìṣe yìí di ìlọ́po K, á sì fi í ránṣẹ́ sí mọ́tò. K yìí ni géènì. Bí K bá kéré, díìṣì á máa fà bí ìgbín. Bí a bá fi kún un, ó máa yá. Bí a bá tún fi kún un, ó máa kọjá ibi tí a fẹ́, kó tó padà wá. Bí a kò bá sì dẹ́kun, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í mì síwá sẹ́yìn, kò sì ní dúró mọ́. Ohun tí rúùtù lókọ́sì ń fi hàn ni ibi tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ti ń ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí àwòrán kan ṣoṣo.

Ká sọ pé ìṣe mọ́tò àti díìṣì, pẹ̀lú géènì lára rẹ̀, rí báyìí:

```
K / (s (s + 2)(s + 4))
```

Iye s tó bá sọ ìsàlẹ̀ fọ́ńṣọ̀n yìí di òdo ni a ń pè ní póòlù. Mẹ́ta ló wà níbí: 0, -2 àti -4. Póòlù kọ̀ọ̀kan dúró fún ìwà kan nínú ẹ̀rọ. Èyí tó wà ní -2 wá láti inú bí díìṣì ṣe wúwo tó: bí nǹkan kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í, ipa ìtì náà á máa rọlẹ̀ bí e^(-2t), tí ó fi jẹ́ pé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló máa kù. Ti -4 jẹ́ ti ampilifáyà, òun yára ju ìyẹn lọ. Ti 0 kì í rọlẹ̀ rárá, nítorí iná tó wọ mọ́tò ń fún un ní eré, eré yìí ló ń kóra jọ di ibi tí díìṣì kọjú sí, díìṣì kò sì ní fúnra rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí iná bá kúrò.

Nígbà tí a bá ti so sẹ́ńsọ̀ padà mọ́ olùdarí, tí yípo náà ti so pọ̀, kì í ṣe àwọn póòlù mẹ́ta yẹn ló ń pinnu ìwà ẹ̀rọ mọ́. Àwọn tuntun tó gbapò wọn ni ojútùú ìdọ́gba yìí:

```
s^3 + 6s^2 + 8s + K = 0
```

K ti wọ inú ìdọ́gba náà, nítorí náà gbogbo ìgbà tí K bá yí ni àwọn póòlù máa ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà. Rúùtù lókọ́sì ni ipasẹ̀ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lórí gbàgede s bí K ṣe ń lọ láti 0 títí dé àìlópin. Lórí gbàgede yìí, ìlà ìbú ló ń gba apá gidi s, ìlà òòró ló sì ń gba apá rẹ̀ tó ní j, ìyẹn gbòǹgbò onílọ́po méjì -1. Walter Evans, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1948, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ẹnikẹ́ni.

Ní K = 0, àwọn póòlù wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Bí K bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, èyí tó wà ní 0 máa rìn sósì, èyí tó wà ní -2 máa rìn sọ́tùn-ún, wọ́n ń bọ̀ wá pàdé ara wọn. Èyí tó wà ní -4 ń bá tirẹ̀ lọ sósì. Póòlù tó bá sún mọ́ 0 jù ló máa ń falẹ̀ jù, òun ló sì ń dá gbogbo ẹ̀rọ dúró, nítorí náà bó ṣe ń kúrò ní 0 ni díìṣì ń yá sí i. Àwọn méjèèjì pàdé ní -0.845 nígbà tí K tó 3.08. Ibi yìí yẹ fún àkíyèsí: ibẹ̀ ni díìṣì ti yára jù láìjẹ́ pé ó mì rárá.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, wọn kò lè dúró lórí ìlà ìbú mọ́. Ọ̀kan gba òkè, èkejì gba ìsàlẹ̀, bí ojú àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Látìgbà yìí, póòlù kọ̀ọ̀kan ní nǹkan méjì tó ń sọ fún wa. Bó ṣe jìnnà sí ìlà òòró lápá òsì ń sọ bí mímì ṣe máa tètè rọlẹ̀ tó. Bó ṣe ga kúrò lórí ìlà ìbú ń sọ bí mímì náà ṣe yára tó. Ní K = 20, àwọn méjèèjì ti wà ní -0.40 ± j1.92. Díìṣì máa kọjá ibi tí a fẹ́ pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì gbogbo ìrìn rẹ̀, á sì tún mì bíi mélòó kan kó tó dúró. Ní K = 48, wọ́n dé orí ìlà òòró gan-an, ní ± j2.83. Mímì kò rọlẹ̀ mọ́, kò sì pọ̀ sí i. Díìṣì á máa mì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 2.2 fún àlọ àti àbọ̀ kan. Bí K bá ju 48 lọ, wọ́n ti bọ́ sápá ọ̀tún, mímì kọ̀ọ̀kan á sì máa ju ti ìṣáájú lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yà sọ́tùn-ún, tí wọn kò gòkè tààrà? Ìdáhùn wà nínú nọ́ńbà 6 tó wà níwájú s^2. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ àròpọ̀ àwọn póòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, K kò sì sí nínú rẹ̀. Àròpọ̀ wọn jẹ́ -6 ní ìbẹ̀rẹ̀, -6 ló máa jẹ́ títí ayé. Póòlù tó ti -4 kúrò ń lọ sósì láìdúró: ní K = 20 ó ti dé -5.2, ní K = 48 ó wà ní -6 gééré. Ohun tí òun bá mú lọ sósì, àwọn méjì yòókù gbọ́dọ̀ mú un padà wá sọ́tùn-ún. Lójú tèmi, ẹni tó bá rí èyí ti rí ọkàn ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó fi hàn pé àìdúróṣinṣin kì í ṣe ohun tó ṣàdédé wọlé ní K = 48; ó ti ń bọ̀ láti ìgbà tí póòlù kẹta ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí ti ọmọdé orí jangilófà: bí a bá ń tì í lásìkò tó ti yẹ ká dá a dúró, ṣe ni yóò máa fò sókè sí i. Díìṣì àti ampilifáyà kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí náà àtúnṣe tí olùdarí rán máa ń pẹ́ dé, géènì ńlá sì ń mú kí àtúnṣe tó pẹ́ yìí lágbára.

Evans kò yanjú ìdọ́gba fún K kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ojúkò kan wà lórí ipasẹ̀ yìí bí ìgun láti ọ̀dọ̀ àwọn póòlù ìbẹ̀rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ digíríì 180 lápapọ̀ (tàbí 180 pẹ̀lú ìlọ́po 360). Ẹ jẹ́ ká dán an wò ní -0.667 + j1.155. Ìlà tó ti 0 dé ibẹ̀ ní ìgun digíríì 120. Èyí tó ti -2 wá ní 40.9. Èyí tó ti -4 wá ní 19.1. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 180. Ojúkò náà wà lórí ipasẹ̀. Láti mọ K tó gbé póòlù débẹ̀, a máa wọn gígùn ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó sì fi wọ́n ṣe ìsọdipúpọ̀: 1.333 × 1.764 × 3.528, tó jẹ́ nǹkan bí 8.3. Kò sí ohun mìíràn nínú iṣẹ́ náà. Ìgun ló ń sọ ibi tí póòlù lè gbà, gígùn ló ń sọ iye géènì tó gbé e débẹ̀.

Mi ò ṣàdédé mú ojúkò yẹn. Ìlà tó ti 0 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ìgun digíríì 60 pẹ̀lú apá òsì ìlà ìbú, tó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n ìpẹ̀tù mímì rẹ̀ jẹ́ 0.5. Ní ìwọ̀n yìí, díìṣì máa kọjá ibi tí a fẹ́ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì máa tó bí ìṣẹ́jú àáyá 6 kó tó fara balẹ̀. Ẹni tó bá lè gba ìyẹn lè fi K sí 8.3. Ẹni tí kò fẹ́ kí díìṣì kọjá rárá kò gbọdọ̀ kọjá 3.08. Kọ̀ǹpútà lè jẹ́rìí sí gbogbo rẹ̀:

```python
import numpy as np
for K in [0, 3.08, 8.3, 20, 48]:
    print(K, np.roots([1, 6, 8, K]))
```

Bí ìpẹ̀tù 0.5 kò bá tó, tí a sì tún fẹ́ kó yá jù báyìí lọ, kò sí K tó lè fún wa ní méjèèjì, nítorí pé ipasẹ̀ yẹn kò gba ibẹ̀ kọjá. A ní láti yí ipasẹ̀ náà fúnra rẹ̀ padà. Bí olùdarí bá di K(s + 3), iye -3 tó ń sọ òkè fọ́ńṣọ̀n di òdo máa fa àwọn ẹ̀ka sósì, ọ̀kan nínú àwọn póòlù á sì parí ìrìn rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn méjì yòókù á wá máa gòkè sọ́dọ̀ ìlà kan tó dúró ṣánṣán ní -1.5, wọn kò sì ní kan ìlà òòró láé. Ṣùgbọ́n irú olùdarí bẹ́ẹ̀ ń sọ ariwo inú sẹ́ńsọ̀ di ńlá, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi póòlù kan tó jìnnà lápá òsì tì í lẹ́yìn.

Ó kù ibi tí àwòrán yìí ti lè tan èèyàn. Kò mọ̀ pé agbára mọ́tò lópin. Bí géènì bá ti ní kí mọ́tò ṣe ju ohun tó lè ṣe lọ, ìṣirò wa kò bá a mu mọ́. Èyí tó léwu jù ni ìdádúró tí a kò kà sí. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ń pẹ́ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá péré kí ìròyìn rẹ̀ tó dé. Ààlà géènì á já wálẹ̀ láti 48 sí nǹkan bí 31, mímì ibẹ̀ á sì máa gba ìṣẹ́jú àáyá 2.8 dípò 2.2. Nítorí náà, bí díìṣì gidi bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìdúró nígbà tí K ṣì kù púpọ̀ kó tó 48, kí a fi aago wọn àlọ àti àbọ̀ kan. Bó bá gùn ju 2.2 lọ, ìdádúró kan tàbí póòlù kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí a kò kọ sínú ìdọ́gba.